ESP32 ń sọ 3.3 fóltì, ẹ̀rọ kejì ń sọ 5: ta ni kí ẹ fi ṣe ògbufọ̀?

Táńkì omi ilé wa wà lórí irin gíga lẹ́yìn ilé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa gun àkàbà láràárọ̀ láti lọ yọjú wo ibi tí omi dé. Mo bá kó nǹkan mẹ́rin jọ: bọ́ọ̀dù ESP32 kan, JSN-SR04T tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìnnà sí ìdérí, ojú LCD oníìlà méjì tí wọ́n ti lẹ bọ́ọ̀dù I2C mọ́ lẹ́yìn, àti tẹ́ẹ̀pù iná WS2812B tí yóò máa tàn sókè bí omi ṣe ń pọ̀ sí i. Mo so wọn pọ̀ tààrà, wáyà sí wáyà, ó sì ṣiṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́. Àfi ọjọ́ tí ojú LCD ń sọ pé táńkì kún fọ́fọ́, nígbà tí ẹ̀rọ ilé ìdáná kò mú ẹ̀kán omi kan wá.

Ohunkóhun kò ṣe JSN-SR04T. Ẹsẹ̀ ESP32 tí mo so mọ́ ECHO, ẹnu tí JSN-SR04T fi ń dáhùn, ló ti kú, 0 nìkan ló ń kà. Nínú kóòdù tèmi, 0 túmọ̀ sí pé omi ti kan ìdérí, ìyẹn ni pé táńkì kún. Bí ẹ bá fura sí ẹsẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì fi kóòdù yìí yẹ̀ ẹ́ wò:

```cpp
void setup() {
  Serial.begin(115200);
  pinMode(18, INPUT_PULLDOWN);
  delay(10);
  Serial.println(digitalRead(18));
  pinMode(18, INPUT_PULLUP);
  delay(10);
  Serial.println(digitalRead(18));
}
void loop() {}
```

Ẹsẹ̀ tó yè yóò kọ 0, yóò sì kọ 1 tẹ̀ lé e. Tèmi kọ 0 lẹ́ẹ̀mejì. (Ẹ má fi ẹsẹ̀ 34 sí 39 dán an wò o, wọn ò ní rẹ̀sítọ̀ inú tí àyẹ̀wò yìí ń lò.)

Látìgbà náà ni mo ti ra oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń tà fún títún fóltì ṣe láàárín 3.3 àti 5, mo sì ti lo gbogbo wọn lórí táńkì kan náà. Èyí tó dáa fún ECHO kò dáa fún LCD, èyí tó dáa fún LCD sì ń ba iná WS2812B jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè "èwo ló dáa jù?" kò fi ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Ohun tó ń ba ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́

Ìṣòro ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ 3.3 fóltì ni wọ́n ń pa. Ìwé àlàyé ESP32 kò fẹ́ kí fóltì orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ti iná tó ń jẹ lọ ní ohun tó lé ní 0.3, èyí tó túmọ̀ sí 3.6 fóltì. Bí 5 fóltì bá dé, dáyóòdù kékeré kan nínú ṣípù náà á la ọ̀nà, á sì da àṣẹ́kù iná náà sórí wáyà 3.3. Wọ́n fi dáyóòdù yẹn síbẹ̀ nítorí iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tó máa ń ta látọwọ́ ènìyàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọn ò fi síbẹ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí tèmi, kó tó jó.

Ẹ̀gbẹ́ 5 fóltì ní tirẹ̀, 3.3 kò lè pa á. Etí ló di. Ṣípù WS2812B kò ní gbà pé ohun tó gbọ́ jẹ́ 1 àfi tó bá tó ìdá 0.7 iná tó ń jẹ, ìyẹn 3.5 fóltì nígbà tó bá ń jẹ 5. ESP32 ń sọ 3.3. Ìwọ̀nba 0.2 ló kù, òun náà ló fà á tí ẹnì kan fi máa búra pé tòun ń ṣiṣẹ́ láìsí ògbufọ̀, tí ẹlòmíràn á ra irú kan náà, tí iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí ìyẹ̀fun kó sí lójú.

Ibì kan wà tí ẹ̀gbẹ́ 5 fóltì ti lè fara gbá: nígbà tí iná rẹ̀ bá kú tí ESP32 ṣì wà láàyè. Nílé wa, ESP32 ń jẹ páwábáńkì, ìyókù ń jẹ ṣájà tí a kì bọ ògiri. Bí iná bá lọ, iná àkọ́kọ́ lára WS2812B á máa tàn bàìbàì, bí ìgbà tí fìtílà ń wá epo. ESP32 ló ń ti iná gba ẹnu wáyà dátà wọ inú tẹ́ẹ̀pù tó ti kú, tó ń gbìyànjú láti bọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ 5 fóltì láti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má kà á sí iṣẹ́ ìyanu, ẹ tètè yọ wáyà náà.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè

Mo ń béèrè ìbéèrè mẹ́rin kí n tó mú owó jáde. Ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà náà, ta ló ń gbọ́, àbí àwọn méjèèjì ló ń dá ara wọn lóhùn? Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yára tó? Ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ti wáyà sókè tó sì ń fà á wálẹ̀, àbí ó kàn ń fà á wálẹ̀ ni, kí rẹ̀sítọ̀ kan tó dá a padà sókè, bí I2C ṣe máa ń ṣe? Tí iná ẹ̀gbẹ́ kan bá lọ ńkọ́? Owó ló kẹ́yìn, torí pé èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ kà yìí kò tó owó ESP32 tuntun.

Ohun kan kò sí lábẹ́ ìbéèrè: gíráńdì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ẹ bá lo ṣájà méjì tí GND wọn kò so pọ̀, kò sí ògbufọ̀ tó lè gbà yín.

Wáyà lásán

Àwọn ibì kan wà tí ẹ kò nílò ohunkóhun. TRIG tó wà lára JSN-SR04T jẹ́ ọ̀kan: ESP32 ló ń sọ̀rọ̀, 3.3 fóltì ló ń jáde, JSN-SR04T sì ń gbọ́ ọ dáadáa. Wáyà ni mo fi so tèmi látìgbà yìí wá, kò já mi kulẹ̀ rí. LCD tí ṣípù rẹ̀ jẹ́ HD44780 náà ń gba 1 láti 2.2 fóltì, nítorí náà bí ẹ bá so ó láìsí bọ́ọ̀dù I2C, tí ẹ sì de ẹsẹ̀ RW rẹ̀ mọ́ gíráńdì kó má baà dáhùn padà láé, wáyà lásán tó. Bí RW bá wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, LCD lè sọ̀rọ̀ padà ní 5 fóltì, a sì padà sídìí ẹsẹ̀ tó kú.

Lọ́nà kejì, àwọn ṣípù kan wà tí àwọn fúnra wọn lè gba 5 fóltì láìkú. STM32F103 ní ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ìwé àlàyé rẹ̀ kọ `FT` sí ní ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Ẹ wo tábìlì náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. ESP32 àti RP2040 tó wà lórí Pico kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, ohun yòówù kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí tirẹ̀ kò tíì jó.

Rẹ̀sítọ̀ méjì

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ 5 fóltì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, tí ESP32 ń gbọ́, rẹ̀sítọ̀ méjì ni mo máa ń mú. Owó wọn kò tó owó búrẹ́dì. Ọ̀kan á jókòó láàárín ECHO àti ẹsẹ̀ ESP32, èkejì á ti ẹsẹ̀ náà lọ sí gíráńdì, wọ́n á sì pín 5 fóltì láàárín ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí ẹ lo 1 kílò-óòmù àti 2 kílò-óòmù, èyí tó ń mú 3.33 fóltì jáde. Kò burú, ṣùgbọ́n 2 kílò-óòmù kò sí nínú àpò rẹ̀sítọ̀ tí wọ́n sábà máa ń tà, ẹ máa ní láti so 1 kílò-óòmù méjì pọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ṣájà ń mú 5.2 fóltì wá nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, 3.33 á sì sún mọ́ 3.5. Èmi fẹ́ràn 2.2 kílò-óòmù lókè àti 3.3 kílò-óòmù nísàlẹ̀:

```
5.0 × 3.3 / (2.2 + 3.3) = 3.0
5.2 × 3.3 / (2.2 + 3.3) = 3.12
```

ESP32 ń ka 1 láti ìdá 0.75 iná rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 2.48 fóltì. 3.0 ju ìyẹn lọ dáadáa, ó sì jìnnà sí 3.6. Àyè wà lókè, àyè wà nísàlẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi wọ́n sí ipò ara wọn. Pupa-pupa-pupa ni 2.2 kílò-óòmù, ọsàn-ọsàn-pupa ni 3.3, lábẹ́ iná tó pupa díẹ̀ ojú lè ṣì wọ́n mú. Bí wọ́n bá yípo, 2.0 fóltì ló máa jáde, ESP32 kò ní gbọ́ nǹkan kan, LCD á sì tún pariwo pé táńkì kún. Èyí kò ba nǹkan jẹ́, inú ló kàn ń bí ènìyàn. Èkejì ló léwu: kí ẹsẹ̀ gíráńdì rẹ̀sítọ̀ ìsàlẹ̀ máa mì nínú búrẹ́dìbọ́ọ̀dù. Nígbà náà kò sí ẹni tó ń bá rẹ̀sítọ̀ òkè pín fóltì náà mọ́, gbogbo 5 á wọ ESP32. Ẹ óò mọ̀ bí ẹ bá fi mítà wọn ẹsẹ̀ náà tí ẹ rí 3.6 sí 3.9 dípò 3.0: dáyóòdù inú ṣípù ló dá a dúró síbẹ̀, òun ló sì ń jìyà.

Nítorí náà, kí ẹ tó so ó mọ́ ESP32, ẹ yọ ECHO, ẹ fi wáyà 5 fóltì sí orí rẹ̀sítọ̀ òkè, kí ẹ fi mítà wọn àárín. Tí ẹ bá rí nǹkan bíi 3.0, ẹ lè so ó.

Bí rẹ̀sítọ̀ ṣe yára tó kò dá a dúró níbi iṣẹ́ yìí. Ìró tó lọ sójú omi ní mítà kan tó sì padà ń mú ECHO dúró sókè fún nǹkan bíi 5,800 máíkrósẹ́kọ́ndì. Ìdádúró tí rẹ̀sítọ̀ wọ̀nyí ń fà kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá máíkrósẹ́kọ́ndì kan.

Àwọn kan máa ń lo rẹ̀sítọ̀ kan ṣoṣo, 10 kílò-óòmù, láìsí èyí tó lọ sí gíráńdì, kí dáyóòdù inú ṣípù máa gbé ìyókù. Iná tó ń wọlé kéré, nǹkan bíi 0.13 mílíáńpù, kò sì ní jó o lónìí. Ṣùgbọ́n iná náà ń lọ sórí wáyà 3.3. Bí ESP32 bá ń sùn láti tọ́jú bátìrì, kò sẹ́ni tó máa jẹ iná náà, fóltì 3.3 lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èmi kì í lò ó. Rẹ̀sítọ̀ kejì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Rẹ̀sítọ̀ ò lè gbé 3.3 sókè sí 5. Ó ń gé ni, kò lè fi kún un. Kò sì yẹ fún I2C, nítorí ẹni tó ń gbọ́ báyìí ni yóò sọ̀rọ̀ láìpẹ́.

Bọ́ọ̀dù kékeré BSS138

LCD tèmi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ BSS138. Bọ́ọ̀dù I2C ẹ̀yìn rẹ̀ ní ṣípù PCF8574, tó ń jẹ 5 fóltì, tó sì fẹ́ 3.5 kó tó gba ohun kan ní 1. Lórí bọ́ọ̀dù náà kan náà ni rẹ̀sítọ̀ wà tó ń fa wáyà SDA àti SCL sókè sí 5 fóltì, 4.7 kílò-óòmù ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá so ó tààrà mọ́ ESP32, 5 fóltì á máa ti rẹ̀sítọ̀ náà wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn, torí pé rẹ̀sítọ̀ yẹn ń dín iná kù. Bí ECHO tèmi náà ṣe ṣiṣẹ́ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

BSS138 jẹ́ mọ́sífẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn kékeré tí fóltì ń ṣí. Ọgbọ́n mọ́sífẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí ti wà nínú ìwé tí Philips tẹ̀ jáde ní 1997, AN97055, kò sì tíì gbó. Ẹnu-ọ̀nà mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà wà lórí 3.3 fóltì, ẹ̀gbẹ́ kan so mọ́ wáyà ESP32, ẹ̀gbẹ́ kejì so mọ́ wáyà LCD, rẹ̀sítọ̀ 10 kílò-óòmù sì ń fa wáyà kọ̀ọ̀kan sókè sí fóltì tirẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, mọ́sífẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀kùn: ESP32 ń rí 3.3, LCD ń rí 5, kò sí ẹni tó rí ti ẹnì kejì. Bí ESP32 bá fa tirẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ti LCD sì tẹ̀ lé e wálẹ̀. Bí LCD bá jẹ́ ẹni tó fà á, dáyóòdù tó wà lára mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà ló kọ́kọ́ fa ti ESP32 sísàlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí pátápátá. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà, mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ LV àti HV sí i. LV ni 3.3, HV ni 5. Bí ẹ bá gbé wọn dojú bolẹ̀, 5 fóltì ni ẹ ń fà lọ sórí ESP32 fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní iná láìso SDA àti SCL, kí ẹ wọn LV1 àti HV1: 3.3 àti 5 ló yẹ kí ẹ rí. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ wá LCD lórí I2C, `0x27` ni ti PCF8574 sábà máa ń jẹ́, `0x3F` ni ti PCF8574A.

Bí ẹ bá fẹ́ fúnra yín kọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 2N7000 rọ́pò BSS138 fún yín. Wọ́n jọra lójú ìwé, ṣùgbọ́n 2N7000 lè máa dúró de 3 fóltì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn, ohun tí ẹ sì ní kò ju 3.3 lọ. Ti BSS138 kì í ju 1.5. Èyí tí ẹ rà lónìí lè ṣiṣẹ́, kí èyí tí ẹ rà lọ́la má ṣiṣẹ́.

Ibi tó kù sí ni ìyára. Fífà wálẹ̀ yára, ṣùgbọ́n rẹ̀sítọ̀ ló ń dá wáyà padà sókè, ó sì ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. PCF8574 kì í ju 100 kílóháátìsì lọ, I2C sì fún un ní máíkrósẹ́kọ́ndì kan láti gòkè. 10 àti 4.7 kílò-óòmù tó wà lórí ẹ̀gbẹ́ LCD jọ ń ṣiṣẹ́ bíi 3.2. Pẹ̀lú wáyà tó ní 100 píkófárádì, gígòkè náà ń gba nǹkan bíi 0.27 máíkrósẹ́kọ́ndì. Ó ṣẹ́kù dáadáa.

Ẹ wá gbé bọ́ọ̀dù yìí kan náà sórí WS2812B, kí ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe ń yí. Iná yẹn ń fi gígùn àkókò sọ̀rọ̀: 0 ń dúró sókè fún 0.4 máíkrósẹ́kọ́ndì, 1 fún 0.8, kò sì yẹ kí àṣìṣe ju 0.15 lọ. Mọ́sífẹ́ẹ̀tì á gbé wáyà dé nǹkan bíi 2 fóltì kíákíá, á sì ti ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀ dé 3.5 tí WS2812B ń retí, rẹ̀sítọ̀ 10 kílò-óòmù nìkan ló kù. Tí wáyà àti ẹnu iná náà bá ní 30 píkófárádì, ìyẹn á gba nǹkan bíi 0.2 máíkrósẹ́kọ́ndì. 0.4 ti di 0.2, nígbà tí 0.25 jẹ́ èyí tó kéré jù tó lè gbà. Ohun tí mo rí gan-an ni pé iná àkọ́kọ́ ń yí àwọ̀ bó ṣe wù ú, tí èyí tó kù ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ kò sí ní kíláàsì.

74AHCT125

Fún WS2812B, ohun tí mo ń lò ni ṣípù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá yìí. 5 fóltì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ó ń gba 1 láti 2 fóltì péré, ohun tó bá sì gbọ́, ní 5 fóltì gidi ló ń sọ ọ́ jáde. ESP32 ń sọ 3.3, ó gbọ́ ọ ketekete. Ó ń ti wáyà sókè, ó sì ń fà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, láàárín nánósẹ́kọ́ndì mélòó kan. Kò sí rẹ̀sítọ̀ tó ń dúró de nǹkan kan.

Ẹ ṣọ́ra níbi orúkọ. 74HC125 àti 74HCT125 ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí, lẹ́tà T kan ló yà wọ́n. Èyí tí kò ní T ń fẹ́ 3.5 fóltì bíi WS2812B fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ti ra ògbufọ̀ tó di etí kan náà. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi: ẹni tó tà á fún mi búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ka ara ṣípù náà kí ẹ tó sanwó, bó bá tiẹ̀ gba kí ẹ fi fóònù tan iná sí i.

HCT àti AHCT ńkọ́? Nígbà tí iná ẹ̀gbẹ́ 5 fóltì bá wà, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí. Bí iná bá lọ tí ESP32 ṣì wà lórí páwábáńkì, HCT ní dáyóòdù láti ẹnu rẹ̀ lọ sórí wáyà iná rẹ̀, ESP32 á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ òkú. AHCT kò ní dáyóòdù yẹn. Nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, èyí tó láti mú mi san owó díẹ̀ lé e.

Bí mo ṣe so ó rèé: 14 sí 5 fóltì, 7 sí gíráńdì, 1 sí gíráńdì kó lè máa sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ESP32 sí 2, ohun tó jáde ní 3 gba rẹ̀sítọ̀ 330 óòmù kọjá lọ sí ẹnu WS2812B. Kàpásítọ̀ tí wọ́n kọ 104 sí lára wà láàárín 14 àti 7, kó má jìnnà sí ṣípù. Ẹnu mẹ́fà tó kù tí n kò lò, 4, 5, 9, 10, 12 àti 13, mo de gbogbo wọn mọ́ gíráńdì. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á máa gbọ́ gbogbo ariwo àyíká, ṣípù á sì máa gbóná láìnídìí.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà fún ẹni tí kò rí AHCT rà. Ẹ fi dáyóòdù 1N4001 sí ojú ọ̀nà iná 5 fóltì tó ń wọ iná WS2812B àkọ́kọ́ nìkan. Yóò máa jẹ nǹkan bíi 4.3 fóltì, 0.7 ti 4.3 sì jẹ́ 3.01, ESP32 kọjá ìyẹn. Iná àkọ́kọ́ yẹn á wá máa sọ̀rọ̀ fún èkejì ní 4.3, tó pọ̀ tó. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ ní láti gé tẹ́ẹ̀pù kí ẹ tó lè ṣe é.

74AHCT125 kì í gbọ́ èsì, ọ̀nà kan ló ń gbà. Fún wáyà púpọ̀ tó ń bọ̀ láti 5 lọ sí 3.3, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, 74LVC245 tó ń jẹ 3.3 ni kí ẹ wá: ẹnu rẹ̀ lè gba 5 láìkú.

TXS0108E àti àbúrò rẹ̀

Bọ́ọ̀dù wáyà mẹ́jọ yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn yín, nítorí ó ń sọ pé òun fúnra òun á mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n. Tó bá rí i pé wáyà kan ń gòkè, á fi agbára ràn án lọ́wọ́ fún àkókò kúkúrú gan-an, á sì jáwọ́. Wàhálà ni pé bí wáyà bá gùn, ohùn tó lọ máa ń ta padà, bọ́ọ̀dù náà á sì rò pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú wáyà mítà méjì sí WS2812B, tèmi ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí mo gé wáyà kù sí ìwọ̀n ìka ọwọ́, ó dákẹ́.

TXB0108 jọ ọ́ gan-an, ó sì burú fún I2C: ọwọ́ tó fi ń di wáyà mú kò lágbára, rẹ̀sítọ̀ 4.7 kílò-óòmù tó wà lẹ́yìn LCD á borí rẹ̀. Bí LCD kò bá jáde lórí `0x27` tí bọ́ọ̀dù yín sì ní TXB lára, ẹ má wá ẹ̀bi lọ sínú kóòdù. Fún méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ A ni 3.3, ẹ̀gbẹ́ B ni 5, kò gbọdọ̀ yí padà.

Ìgbà tí mo lè mú TXS0108E ni ìgbà tí wáyà pọ̀, tí wọ́n kúrú, tí gbogbo wọn wà lórí bọ́ọ̀dù kan náà. Táńkì omi kò rí bẹ́ẹ̀.

Ta ni kó mú èwo

Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń wọn nǹkan ló ń fi 5 fóltì sọ̀rọ̀ fún yín, bíi ECHO, tàbí TX ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ ní 9600, ẹ mú 2.2 àti 3.3 kílò-óòmù, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lórí búrẹ́dìbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ní LCD tàbí ohunkóhun tó wà lórí I2C, BSS138 ni tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó sì fẹ́ ra ohun kan ṣoṣo sínú àpótí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, tó bá ti mọ̀ pé kò wà fún ohun tó ń sáré. Ẹni tó ń tan WS2812B ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí pèpéle ayẹyẹ, níbi tí iná kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú lójú oníbàárà, kó má ronú lẹ́ẹ̀mejì nípa 74AHCT125. Bí ẹ kò bá tíì ra ESP32, tí ẹ̀rọ 5 fóltì tó wà nílẹ̀ sì pọ̀, ẹ wo STM32F103 kí ẹ tó wo ògbufọ̀ kankan.

Tèmi ti gba mẹ́ta nínú wọn báyìí lórí bọ́ọ̀dù kan tí kò ju káàdì ATM méjì lọ: rẹ̀sítọ̀ méjì fún ECHO, BSS138 fún LCD, 74AHCT125 fún iná, wáyà lásán fún TRIG. Mo gbé ECHO lọ sí ẹsẹ̀ 19, torí 18 kò jí mọ́. Mo sì tún kóòdù ṣe: bí ó bá ka 0, LCD á kọ "MI Ò GBỌ́ NǸKAN" láìfi àmì sí i, nítorí LCD yẹn kò mọ àmì ohùn. Láàárọ̀ àná, ó kọ 34 sẹ̀ǹtímítà. Mo gun àkàbà lọ wò ó bákan náà.